Ọ̀rọ̀ Kan Tí Ó Pòórá Nínú Ìlànà Ìwà Òṣìṣẹ́ Ìjọba

Ìlànà ìwà kan wà nínú òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà tí ó de gbogbo ẹni tí ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba, láti orí Ààrẹ títí dé orí akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ àti olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ó wà nínú òfin ìpìlẹ̀ ti 1979. Nígbà tí ìjọba ológun ń gbé àkóso sílẹ̀, a tún ìlànà náà kọ sínú òfin ìpìlẹ̀ ti 1999, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún náà, tí a sì ń lò títí di òní. Nínú ìwé méjèèjì, Àfikún Karùn-ún ni a ti lè rí i. Ẹni tí ó bá ka ọ̀kan tí kò ka èkejì yóò rò pé ìlànà kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwa gbé méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a sì kà wọ́n ní gbólóhùn-gbólóhùn. Ohun tí a rí ni a fẹ́ fi yé ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin àgbẹ̀ wa lónìí, nítorí owó ìlú tí ìlànà náà ń ṣọ́, owó yín ni.

Kí a kọ́kọ́ sọ bí a ti í ka irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ tuntun kún òfin, ojú yóò tètè rí i, nítorí ó wà lórí ìwé. Bí a bá pààrọ̀ iye kan sí òmíràn, ẹni tí ó fara balẹ̀ yóò rí i. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọ̀rọ̀ kúrò, kò sí àpá kankan tí yóò fi hàn pé ohun kan ti wà níbẹ̀ rí. Gbólóhùn náà yóò padé ara rẹ̀, yóò sì dán bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni a ti bí i. Ó dà bí ìgbà tí ẹnìkan bá hú pèrègún ààlà oko lóru, tí ó sì gbá ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́. Àlejò tí ó bá kọjá ní òwúrọ̀ kò lè mọ̀ pé ààlà ti yẹ̀. Ẹni tí ó mọ ibi tí pèrègún wà lánàá nìkan ni yóò figbe ta. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó yí padà nínú ìlànà kò gbọdọ̀ ka ti tuntun nìkan. Ti àtijọ́ ni kí ó mú lọ́wọ́, kí ó máa wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ti tuntun.

Bí a ti ṣe bẹ́ẹ̀, ibi tí ó yẹ kí gbogbo ènìyàn tẹjú mọ́ jù lọ ni ìpínrọ̀ 11, èyí tí ó sọ̀rọ̀ lórí ìkéde dúkìá. Òfin ti 1979 ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba kọ gbogbo ohun ìní rẹ̀ àti gbogbo gbèsè rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ó bá gba ipò, ní ìparí ọdún mẹ́rin mẹ́rin, àti nígbà tí ó bá ń fi ipò sílẹ̀. Ó ní kí ó kọ ti ọkọ tàbí aya rẹ̀ pẹ̀lú, àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì ṣe ìgbéyàwó, tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pé ọdún 21. Òfin ti 1999 ní kí ó kọ ti ara rẹ̀, àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì ṣe ìgbéyàwó, tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pé ọdún 18. Ẹ wò ó dáradára. Iye ọdún àwọn ọmọ dín kù láti 21 sí 18. Èyí ni àyípadà tí ojú lè rí. Ṣùgbọ́n ọkọ tàbí aya ńkọ́? A kò dín in kù, a kò sì fi ohun mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ó ti pòórá nínú gbólóhùn náà pátápátá.

Àwọn kan lè sọ pé kí ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan wò ó, kí ó lè yé tọmọdé tàgbà. Àpẹẹrẹ lásán ni, kì í ṣe ìtàn ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ọkàn yàwòrán akápò ìjọba ìbílẹ̀ kan tí owó oṣù rẹ̀ jẹ́ 200,000 náírà. Nígbà tí ó gba iṣẹ́, ó kéde ilé kan àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan. Ọdún mẹ́rin kọjá, èyí tí í ṣe oṣù 48. Bí kò tilẹ̀ jẹ, tí kò mu, tí kò san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ, gbogbo owó oṣù rẹ̀ ní ọdún mẹ́rin náà kò ju 9,600,000 náírà lọ. Ní àárín ọdún wọ̀nyí, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan dìde ní etí ìlú tí a ná mílíọ̀nù 30 náírà lé lórí. Orúkọ aya rẹ̀ ni ó wà lórí ìwé ilẹ̀ náà. A tún ra éékà mẹ́wàá ilẹ̀ oko ní mílíọ̀nù 12 náírà. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó wà ní yunifásítì, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 19, ni ó wà lórí ìwé tirẹ̀.

Ọjọ́ ìkéde kejì wá pé. Bí ó bá jẹ́ ìlànà ti 1979 ni, akápò yìí wà láàárín iná àti omi. Bí kò bá kọ ilé náà àti ilẹ̀ náà sílẹ̀, ìkéde rẹ̀ di irọ́, òfin sì sọ pé ìkéde irọ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ rírú ìlànà. Kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wádìí ibi tí owó ti wá. Kí a sáà ti fi hàn pé aya rẹ̀ ní ilé tí kò sí lórí ìwé, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí ó bá sì kọ wọ́n sílẹ̀, dúkìá mílíọ̀nù 42 náírà yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó oṣù mílíọ̀nù mẹ́sàn-án àti díẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó mọ ìṣirò yóò sì béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ìlànà ti 1999 ni ńkọ́? Akápò wa yóò kọ ilé kan àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan, gẹ́gẹ́ bí ó ti kọ ọ́ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Yóò búra sí i. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìpínrọ̀ náà ti wà, òtítọ́ ni ó kọ. Aya rẹ̀ kò sí nínú àwọn tí a béèrè ohun ìní wọn. Ọmọ rẹ̀ ti kọjá ọdún 18.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ìpínrọ̀ 11 yìí kan náà ni ó ní idà tí ó mú jù lọ nínú gbogbo ìlànà náà. Ó sọ pé bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá ní dúkìá lẹ́yìn ìkéde rẹ̀, tí dúkìá náà kò sì bá owó iṣẹ́ rẹ̀, tàbí ẹ̀bùn, tàbí owó tí ó yá gẹ́gẹ́ bí ìlànà ti gbà, mu, a ó kà á sí ohun tí a fi rírú ìlànà kó jọ, àyàfi bí a bá fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Níbí yìí, òṣìṣẹ́ ni ó ru ẹrù àlàyé. Ṣùgbọ́n dúkìá tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní ni idà yìí lè bẹ́. Èyí tí ó wà ní orúkọ aya jókòó sí ẹ̀yìn ògiri.

A kò ní fi òdodo pamọ́: òfin ti 1999 kò fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ìpínrọ̀ 13 sọ pé òṣìṣẹ́ tí ó bá lo aṣojú, tàbí alágbàtọ́, tàbí ẹlòmíràn láti ṣe ohun tí ìlànà kọ̀, òun gan-an ni ó rú ìlànà. Nítorí náà a ṣì lè mú akápò wa. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ẹrù ti kúrò ní èjìká kan bọ́ sí òmíràn. Lábẹ́ ìlànà àtijọ́, òṣìṣẹ́ ni ó gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Lábẹ́ ti tuntun, olùfẹ̀sùnkàn ni yóò kọ́kọ́ wá ilé náà rí, tí yóò sì fi ẹ̀rí hàn pé owó ọkọ ni a fi kọ́ ọ, àti pé aṣojú lásán ni aya. Aya náà yóò sọ pé òun ń ta aṣọ, òun ń dá èésú, ẹ̀gbọ́n òun tí ó wà ní òkè òkun fi owó ránṣẹ́. Ó lè jẹ́ òtítọ́, ó sì lè jẹ́ irọ́. Ta ni yóò ní ìwé àti àkókò láti já a?

Àwọn amòfin yóò rán wa létí pé òfin mìíràn wà láàárín ìlànà méjèèjì. Ìjọba ológun ṣe òfin kan lórí Àjọ tí ń ṣọ́ ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ìgbìmọ̀ onídàájọ́ rẹ̀, kí òfin ìpìlẹ̀ ti 1999 tó dé. Òfin náà ṣì wà nínú àkójọ òfin ilẹ̀ wa ti 2004, ó sì ṣì gbé ọ̀rọ̀ àtijọ́ lọ́wọ́: ọkọ tàbí aya wà níbẹ̀, ọdún 21 wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n abala kìíní òfin ìpìlẹ̀ sọ pé òfin yòówù tí ó bá tako òun, òfin ìpìlẹ̀ ni yóò borí. Amòfin akápò yóò sọ pé òfin ìpìlẹ̀ ti yọ aya kúrò, nítorí náà òfin kékeré kò lè dá a padà. Amòfin Àjọ yóò sọ pé òfin kékeré kò tako òfin àgbà, ó kàn fi kún un ni. Àwa kì í ṣe adájọ́, a kò ní dá ẹjọ́ náà. Ohun tí a ń sọ ni pé àríyànjiyàn yìí kò bá tí sí rárá bí kò bá ṣe pé a yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò láìsí àlàyé.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ ní gbangba, ó ti ṣẹlẹ̀ rí, lórí gbólóhùn mìíràn. Òfin tí a ń sọ yìí, ní abala 3, sọ pé bí ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé lóòótọ́ ni òun ṣẹ̀, kò pọn dandan kí a gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ onídàájọ́. Òfin ìpìlẹ̀ ti 1999, nínú Àfikún Kẹta rẹ̀, tún iṣẹ́ Àjọ náà kọ, ṣùgbọ́n gbólóhùn ìdáríjì yìí kò sí níbẹ̀. Ní 2011, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ náà fi gómìnà Èkó àtijọ́ kan sílẹ̀. Ọ̀kan nínú ìdí tí wọ́n tọ́ka sí ni pé Àjọ kò kọ́kọ́ pè é kí ó wá sọ bí ó bá gbà tàbí kò gbà, gẹ́gẹ́ bí gbólóhùn àtijọ́ náà ti fẹ́. Nígbà tí a gbé olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ìgbà náà wá síwájú ìgbìmọ̀ kan náà, tí ó sì ní kí a ṣe fún òun bí a ti ṣe fún ti ìṣáájú, ìgbìmọ̀ náà sọ ní oṣù kẹta 2016 pé ìdájọ́ ti 2011 kò tọ̀nà. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ padà dá ọkùnrin náà láre ní oṣù keje 2018, ṣùgbọ́n orí ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ni wọ́n gbé ìyẹn kà. A kò mú ìtàn yìí wá láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni pé ìgbìmọ̀ kan náà, lórí ọ̀rọ̀ kan náà, fi ọdún márùn-ún rìn lọ sí ọ̀nà méjì. Ẹni tí ó bá ka Àfikún Karùn-ún nìkan kò lè rí àyípadà yìí, nítorí Àfikún Kẹta ni ó wà.

Ó yẹ kí a gbọ́ ti ẹnu ẹni tí ó fara mọ́ àyípadà náà pẹ̀lú. Ní ti ọjọ́ orí, àwa kò rí ẹ̀sùn ńlá kan. Ọmọ ọdún 18 ń dìbò ní ilẹ̀ wa, ó sì tọ́ kí ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Ní ti aya, ẹnìkan lè sọ pé obìnrin kì í ṣe ẹrù ọkọ rẹ̀. Òtítọ́ ni. Ní ilẹ̀ Yorùbá pàápàá, láti ayébáyé ni obìnrin ti ń ná ọjà tirẹ̀, tí ó ń kó owó tirẹ̀ jọ, tí ọkọ kì í sì í ka owó náà kún tirẹ̀. Kí ló dé tí a ó fi ní kí ìyálọ́jà tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba wá tú àpò rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ọkọ rẹ̀ jẹ́ akọ̀wé? Ìbéèrè tí ó ní làákàyè ni. Ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò le. Kíkọ ohun ìní sílẹ̀ kì í ṣe gbígbà á lọ́wọ́ ẹni. Obìnrin tí ó fi òógùn ojú rẹ̀ kọ́ ilé kò ní pàdánù bíríkì kan nítorí pé a kọ ilé náà sórí ìwé. Ẹni tí ìkọ̀wé náà ń dà láàmú ni ẹni tí ilé náà kì í ṣe tirẹ̀ ní òótọ́.

A tún mọ̀ pé ó ṣeé ṣe láìní wàhálà. Ní 2007, Ààrẹ Umaru Yar'Adua gbé ìkéde dúkìá rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé rí. Iye rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 856 náírà, nínú èyí tí nǹkan bíi mílíọ̀nù 19 jẹ́ ti aya rẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ ti 1999 kò ní kí ó kọ ti aya, bẹ́ẹ̀ ni kò ní kí ó fi ìwé náà han gbogbo ayé. Inú rere rẹ̀ ni ó fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ìlú kò lè gbé ààbò owó rẹ̀ ka inú rere ẹnìkan. Bí onínúure bá kúrò ní ipò, ẹlòmíràn yóò jókòó síbẹ̀.

Kí ni a wá ń fẹ́? Ohun méjì ni. Èkíní, kí a dá ọkọ tàbí aya padà sínú ìpínrọ̀ 11, kí ọdún 18 dúró bí ó ti wà, ṣùgbọ́n kí a fi gbólóhùn kan kún un: pé kí òṣìṣẹ́ kọ dúkìá yòówù tí òun bá san owó rẹ̀ sílẹ̀, orúkọ ẹni yòówù tí ì báà wà lórí ìwé rẹ̀. Gbólóhùn yìí yóò mú ilé aya àti ilẹ̀ oko ọmọ ọdún 19 padà sí ojútáyé, láìjẹ́ pé a fi ọwọ́ kan ohun tí aya tàbí ọmọ fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ fún.

A mọ̀ pé ọ̀nà náà jìn. Láti yí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ padà, ìdá méjì nínú mẹ́ta Ilé Aṣòfin méjèèjì ní Àbújá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 sì tẹ̀ lé e. Àwọn tí yóò sì dìbò náà ni àwọn tí ìlànà náà dè. Ọ̀bẹ kì í mú títí kí ó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ rán aṣojú lọ sí Ilé Aṣòfin ni ẹ gbọdọ̀ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí ó bá wá tọrọ ìbò, ibi tí ó dúró sí lórí ọ̀rọ̀ aya nínú ìpínrọ̀ 11. Ẹ má béèrè bí ó bá kórìíra ìwà ìbàjẹ́. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni kí ẹ béèrè.

Èkejì, kí a má ṣe gbé ìlànà tuntun fún òṣìṣẹ́ kankan mọ́ láìsí ìwé àyípadà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé náà kò gbọdọ̀ ju ojú ewé kan tàbí méjì lọ. Kí ó ní òpó mẹ́ta: ọ̀rọ̀ àtijọ́ bí ó ti wà gan-an, ọ̀rọ̀ tuntun bí ó ti wà gan-an, àti ìdí tí a fi yí i padà. Níbi tí a bá ti yọ ọ̀rọ̀ kúrò, kí òpó kejì má ṣe ṣófo; kí a kọ ọ́ síbẹ̀ pé "a yọ ọ́". Níbi tí a bá ti gbé gbólóhùn kan lọ sí ojú ewé mìíràn, kí a tọ́ka sí ojú ewé náà. Kí a sì kọ ọjọ́ tí ìyípadà yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí a má baà fi òfin ọ̀la dá òṣìṣẹ́ lẹ́jọ́ ohun tí ó ṣe lánàá.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ẹ wà ní ọ́fíìsì ìjọba tàbí ní ilé-iṣẹ́ ọlọ́jà, èyí kàn yín pẹ̀lú. Bí ọ̀gá bá gbé ìwé ìlànà tuntun wá tí ó sì ní kí ẹ fọwọ́ sí i, tí ó sọ pé díẹ̀ ni a tún ṣe nínú rẹ̀, ẹ má fọwọ́ sí i kí ẹ tó béèrè ti àtijọ́. Ẹ gbé méjèèjì kalẹ̀ lórí tábìlì. Kí ẹnìkan máa ka ti àtijọ́ sókè, kí ẹnìkejì máa fi ìka tọ ti tuntun. Níbi tí ìka bá ti dúró tí kò rí ọ̀rọ̀ tí etí gbọ́, ẹ fàlà sí i níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìbéèrè wà.